Aládùúgbò mélòó ló yẹ ká bi, ṣé òótọ́ sì ni pé ìjìnnà máa ń dòfo tí kọ́lọ́mù bá pọ̀?

Táyọ̀_Kóòdù

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dátà wáìnì tó wà nínú `scikit-learn` ni mo ń lò, ìlà 178, kọ́lọ́mù 13, oríṣi wáìnì 3. `KNeighborsClassifier` ni mo fi ń mọ oríṣi tí igo kan jẹ́, òun ló máa ń bi àwọn igo tó sún mọ́ ọn jù lọ. Mo ti yí k láti 1 dé 50, iye tó ń gbà ò kúrò ní sàkání 70 nínú 100. K mélòó gan-an ni kí n lò? Ẹnìkan tún ní kọ́lọ́mù mi ló pọ̀ jù, pé tí kọ́lọ́mù bá ti pọ̀, ìjìnnà ò ní ìtumọ̀ mọ́. Ṣé 13 náà ni wọ́n ń pè ní púpọ̀?

---

Bọ̀dá Jídé

Èyí ò le rárá. Wá síkúwéà rúùtù iye ìlà ẹ, 178 á fún ẹ ní 13 àti díẹ̀, lo 13, ó tán. Wàá rí i pé 13 ò ṣeé pín sí méjì, torí náà ìbò ò lè dọ́gba. Ohun tí gbogbo èèyàn ń lò nìyẹn, òun lèmi náà ń lò ọjọ́ ti pẹ́. Àwọn tó ń lo k=1 yẹn ń ṣeré ni, ẹnì kan ṣoṣo lo bi léèrè, tónítọ̀hún bá wá jẹ́ òpùrọ́ ńkọ́?

---

Mutiu Òṣogbo

Àbúrò, oríṣi wáìnì mẹ́ta lo ní, kí ló dé tí k ò fi ní jẹ́ 3? Iye ẹgbẹ́ tó o fẹ́ kí dátà pín sí là ń pè ní k. Àbí o fẹ́ pín igo 178 sí ẹgbẹ́ 50 ni? Ọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ le tó báyìí.

---

Àǹtí Sálewà

Mutiu, `KMeans` lò ń sọ yẹn, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń wá ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀ láìmọ orúkọ igo kankan. Ti Táyọ̀ kọ́ nìyẹn. Ó ti mọ oríṣi tí gbogbo igo tó wà nílẹ̀ jẹ́, igo tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ló fẹ́ mọ̀, k sì ni iye igo tó sún mọ́ ọn jù lọ tí wọ́n máa dìbò lé e lórí. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n kàn jọ ń jẹ́.

Táyọ̀, gbé k sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, kò sí k tó máa yọ ẹ́ níbi tó o wà yìí. Jẹ́ ká jọ wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì nínú dátà yẹn, oríṣi kan náà làwọn méjèèjì. Prólíìnì àkọ́kọ́ jẹ́ 1065, ti ìkejì 1050, ìyàtọ̀ 15, tó o bá fi 15 lọ́po ara ẹ̀ ó di 225. Magnísíọ̀mù 127 àti 100, ìyàtọ̀ 27, ó di 729. Wá wo flafanọ́ìdì, 3.06 àti 2.76, ìyàtọ̀ 0.3, ó di 0.09. Ti àwọ̀ ò tiẹ̀ tó nǹkan, 1.04 àti 1.05, ó di 0.0001. Tó o bá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún gbogbo kọ́lọ́mù 13 tó o ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wàá rí nǹkan bíi 977, 954 nínú ẹ̀ ló sì wá látọwọ́ magnísíọ̀mù àti prólíìnì nìkan. Kọ́lọ́mù 11 tó kù kàn jókòó tì wọ́n ni.

Prólíìnì kì í ṣe kọ́lọ́mù burúkú o, òun náà wà lára ohun tó gbé ẹ dé 70 yẹn. Àmọ́ flafanọ́ìdì ló mọ àwọn oríṣi mẹ́ta yẹn yàtọ̀ dáadáa: àárín ti àkọ́kọ́ jẹ́ 2.98, ti ìkejì 2.08, ti ìkẹta 0.78. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù nínú àwọn àárín yẹn ò ju 2.2 lọ, nígbà tí prólíìnì ń fò láti 278 dé 1680. Lójú ìjìnnà, 2.2 ò jẹ́ nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó. Torí náà bó o bi ẹni 1 tàbí o bi 50, àwọn tí prólíìnì wọn jọra náà lo ń bi.

Ṣe báyìí kó o padà wá sọ fún wa:

```python
from sklearn.datasets import load_wine
from sklearn.neighbors import KNeighborsClassifier
from sklearn.preprocessing import StandardScaler
from sklearn.pipeline import make_pipeline
from sklearn.model_selection import cross_val_score

X, y = load_wine(return_X_y=True)
m = make_pipeline(StandardScaler(), KNeighborsClassifier(n_neighbors=9))
print(cross_val_score(m, X, y, cv=5).mean())
```

`StandardScaler` á sọ gbogbo kọ́lọ́mù di ìwọ̀n kan náà. Má yọ ọ́ kúrò nínú `make_pipeline` o, torí tó o bá ti fi gbogbo ìlà 178 wọn ìwọ̀n kó o tó pín dátà, kọ̀ǹpútà ti yọjú wo àwọn ìlà tó o fẹ́ fi dán an wò ṣáájú nìyẹn.

---

Táyọ̀_Kóòdù

Háà! Ó fò sókè kọjá 95! Mo wá yí k láti 5 dé 30, ó kàn ń mì díẹ̀díẹ̀ ni, kò wálẹ̀ kankan. Ẹ ṣeun gan-an ni mà. Ṣé ìyẹn túmọ̀ sí pé k ò ṣe pàtàkì rárá?

---

Bọ̀dá Jídé

Ṣé ẹ rí i? 13 wà láàárín 5 àti 30. Ohun tí mo sọ náà ló padà ṣẹlẹ̀.

---

Àǹtí Sálewà

Bọ̀dá Jídé, 7 náà wà láàárín 5 àti 30, 22 náà wà níbẹ̀ 😄

Ohun tí mo mọ̀ nípa síkúwéà rúùtù yẹn rèé. Bí ìlà bá ṣe ń pọ̀ sí i, ó yẹ kí k náà máa pọ̀, àmọ́ kó máa kéré sí i tá a bá fi wé gbogbo ìlà. Síkúwéà rúùtù bá òfin yẹn mu, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn náà sì bá a mu. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti ní òun gan-an ló dáa jù fún dátà tiyín. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kò burú, kẹ́ ẹ wá dán èyí tó kéré jù ú lọ àti èyí tó tóbi jù ú lọ wò. Ti pé 13 ò ṣeé pín sí méjì yẹn náà, ibi tí ẹgbẹ́ bá ti jẹ́ méjì péré ló ti wúlò. Níbi tí oríṣi mẹ́ta wà, 6, 6, 1 náà 13 ni.

Ẹ má sì bú k=1. Cover àti Hart ti fi hàn láti 1967 pé tí ìlà bá pọ̀ débi tí ò lópin, àṣìṣe aládùúgbò kan ṣoṣo ò lè ju ìlọ́po méjì àṣìṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ láyé. Èèyàn kan ṣoṣo lẹ bi lóòótọ́, àmọ́ ibi tó ń gbé ti sọ púpọ̀ nípa ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ní ìlà tí ò lópin, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kọ́lọ́mù púpọ̀ ti wọlé, màá padà sórí ẹ̀.

Táyọ̀, k ṣe pàtàkì. Gbé e dé iye gbogbo ìlà tó o fi kọ́ ọ wò, oríṣi tó pọ̀ jù lá máa pè ní gbogbo ìgbà. Oríṣi kejì ní igo 71 nínú 178, wàá bá ara ẹ ní 40 nínú 100. Àmọ́ láàárín ibi tó kéré jù àti ibi tó tóbi jù, ilẹ̀ tó tẹ́jú máa ń wà, ó sì gbòòrò. Èyí tó yẹ kó o fura sí ni tí ìdánwò bá ń sọ fún ẹ pé k=1 ló dáa jù, tó sì fi yàtọ̀ ńlá dáa ju 5 lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà tí mo ti rí ìyẹn, ìlà kan náà ló wà nínú dátà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí aláìsàn kan náà tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, tí ọ̀kan bọ́ sínú ohun tá a fi kọ́ ọ, tí èkejì bọ́ sínú ìdánwò. Aládùúgbò tó sún mọ́ ọn jù ni òun fúnra ẹ̀.

---

Ìyá Kẹ́hìndé

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi nǹkan, mi ò mọ̀ bóyá ibí ni. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa ní ọmọ ẹgbẹ́ 400 tó yá owó, àwọn 12 ò dá a padà. Ọmọ kan bá wa ṣe irú nǹkan yìí láti mọ ẹni tí ò ní san, ó ní òun lo k=21, ó ní ó gbà á 97 nínú 100, gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ látìgbà tó ti gbé e dé kò tíì tọ́ka sí ẹnì kankan rí. Gbogbo èèyàn ló ń pè ní olóòótọ́. Kí ló ń ṣe é?

---

Àǹtí Sálewà

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ibí gan-an ni. Ọ̀rọ̀ síkúwéà rúùtù náà ló bímọ yìí, ti 400 jẹ́ 20, wọ́n wá sọ ọ́ di 21 kó má bàa dọ́gba. Kẹ́nì kan tó lè jẹ́ ajigbèsè lójú kọ̀ǹpútà yẹn, àfi kí àwọn 11 nínú aládùúgbò 21 rẹ̀ jẹ́ ajigbèsè, bẹ́ẹ̀ àwọn 12 péré ló wà nínú gbogbo ẹgbẹ́. Àfi tí gbogbo wọn bá ń gbé ojúlé kan náà. Ká ní k=25 ló lò ni, kò tiẹ̀ ní ṣeé ṣe láéláé, torí 13 ni wọ́n máa nílò. Ti 97 yẹn, tẹ́ ẹ bá pe gbogbo èèyàn ní olóòótọ́, 388 nínú 400 lẹ gbà, 97 náà nìyẹn, kò dìgbà tẹ́ ẹ ra kọ̀ǹpútà.

Ẹ ní kó má ka ẹni tó pọ̀ jù mọ́. Kó lo `predict_proba`, kó wo iye ajigbèsè tó wà nínú 21. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, 3 nínú 100 ni ajigbèsè. Tí ẹnì kan bá ní 3 nínú aládùúgbò 21, ìyẹn ti ju 14 nínú 100 lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ pè jókòó kẹ́ ẹ tó fún un lówó. Àmọ́ èèyàn 12 kéré láti fi kọ́ nǹkankan o, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ.

---

Mutiu Òṣogbo

Ó dáa, ó ti yé mi pé k yìí kì í ṣe k yẹn. Àmọ́ ẹ ò tíì dá Táyọ̀ lóhùn lórí kọ́lọ́mù púpọ̀. Èmi rò pé bí ìmọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i náà ló yẹ kó máa dáa sí i. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ nǹkan púpọ̀ sí i nípa igo kan tó wá máa ṣìnà?

---

Àǹtí Sálewà

Ìbéèrè gidi nìyí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ níbi tó ti burú jù, ká tó sọ̀rọ̀ ayé gidi.

Fi kọ̀ǹpútà ju àwọn àmì sínú àpótí tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gùn ní 1, kó jù wọ́n láìyan ibì kankan láàyò. Tó bá jẹ́ kọ́lọ́mù 2, ìjìnnà láàárín àmì méjì á máa tó 0.52 ní ìpíndọ́gba, á sì máa lọ sókè sódò pẹ̀lú nǹkan bíi 0.25. Èyí tó wà nítòsí wà nítòsí lóòótọ́, èyí tó jìn jìn. Sọ ọ́ di kọ́lọ́mù 100, ìpíndọ́gba á di 4.08, àmọ́ lílọ sókè sódò yẹn ò kúrò níbi tó wà, 0.24. Kọ́lọ́mù 10,000, ìpíndọ́gba 40.8, lílọ sókè sódò ṣì jẹ́ 0.24. Gbogbo èèyàn ti jìnnà sí gbogbo èèyàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà ni wọ́n fi jìnnà. Aládùúgbò tó sún mọ́ ẹ jù wà ní bíi 40, èyí tó jìn jù lọ wà ní bíi 41 àti díẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Tún wò ó lọ́nà mìíràn. Ká ní o fẹ́ kí aládùúgbò ẹ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àmì tó wà nínú àpótí yẹn. Ní kọ́lọ́mù 2, àpótí kékeré tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ 0.1 ti tó. Ní kọ́lọ́mù 10, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ní láti tó 0.63. Ní 100, ó ti kọjá 0.95. Àdúgbò ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìlú tán, tó o sì ń pe àwọn tó wà níbẹ̀ ní aládùúgbò. Ìdí tí ìlérí Cover àti Hart ò fi tètè ṣẹ níbẹ̀ nìyẹn, iye ìlà tó o máa nílò kí àdúgbò tó kéré kọjá agbára ẹnikẹ́ni.

---

Fẹ́mi Ìròyìn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, mi ò gbà. Ìròyìn Yorùbá lèmi ń pín sí ìsọ̀rí, òṣèlú, eré ìdárayá, ẹ̀sìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kọ́lọ́mù, ó lé ní 20,000. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, kò yẹ kó ṣiṣẹ́ rárá, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo rò pé torí mo ń lo `metric="cosine"` ni, ìjìnnà Yúkílíìdì tẹ́ ẹ ń ṣírò látòkè yìí nìkan ló máa ń kú.

---

Àǹtí Sálewà

Fẹ́mi, inú mi dùn pé o ò gbà, torí ibi tí mo fẹ́ ká dé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ `cosine` kọ́. Tó o bá sọ gígùn gbogbo àpilẹ̀kọ di 1 kó o tó wọn ìjìnnà, èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú `cosine` náà ló máa sún mọ́ ọn jù nínú Yúkílíìdì, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra ò ní yí padà. Ohun tí `cosine` ṣe fún ẹ ni pé ó gbójú fo bí àpilẹ̀kọ ṣe gùn tó.

Ohun tó ń gbà ẹ́ ni ohun tó wà nínú àwọn kọ́lọ́mù ẹ. Wò ó. Ká ní ẹgbẹ́ méjì la ní, kọ́lọ́mù kan ṣoṣo ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àárín ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ 0, ti èkejì 4, kálukú sì ń lọ sókè sódò pẹ̀lú 1. Tá a bá wá ìjìnnà tá a ti fi lọ́po ara ẹ̀, ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà á máa jẹ́ 2 ní ìpíndọ́gba, ti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ 18. Kedere. Wá fi kọ́lọ́mù 100 tí ò mọ nǹkankan kún un, ariwo lásán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi 2 kún ẹgbẹ́ méjèèjì, ó di 202 àti 218. Ìyàtọ̀ ṣì jẹ́ 16, àmọ́ ariwo 100 yẹn fúnra ẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú nǹkan bíi 28. 16 ti rì sínú 28. Ká ní ariwo 10 péré ni, lílọ sókè sódò ẹ̀ ò ní ju 9 lọ, 16 ṣì máa yọrí.

Wá yí i padà. Kọ́lọ́mù 100, kò sí ariwo kankan níbẹ̀, kálukú mọ díẹ̀, ìyàtọ̀ àárín ẹgbẹ́ méjèèjì ò ju 1 lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan náà jẹ́ 200, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ 300, lílọ sókè sódò wà láàárín 28 sí 40. Ó yọ kedere! Kọ́lọ́mù ò kéré níbẹ̀, ìjìnnà ò sì kú. Mutiu, ìdáhùn ẹ nìyẹn: ìmọ̀ tó pọ̀ sí i ń ràn wá lọ́wọ́, kọ́lọ́mù tó pọ̀ sí i nìkan ò ràn wá lọ́wọ́.

Táyọ̀, ti 13 tó o bi: Beyer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé ní 1999 pé ó lè ti máa hàn láti kọ́lọ́mù 10 sí 15, àmọ́ ó máa ń le jù níbi tí kọ́lọ́mù kọ̀ọ̀kan bá ti ń dá tiẹ̀ ṣe láìmọ ara wọn. Kọ́lọ́mù wáìnì mọra dáadáa, flafanọ́ìdì àti fínọ́ọ̀lù jọ ń lọ sókè ni. 13 tìẹ ò tó 13 tí à ń bẹ̀rù.

---

Táyọ̀_Kóòdù

Mo dán an wò mà. Mo fi `np.random.randn` ṣe kọ́lọ́mù 200 tí ò mọ nǹkankan, mo kàn án mọ́ 13 ti wáìnì. Ó já wálẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá gbé k sókè, ó ń padà gòkè díẹ̀. Ṣé k lè wo ariwo sàn ni?

---

Bọ̀dá Jídé

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí, ẹ má bínú. Tó o bá bi èèyàn púpọ̀, irọ́ á máa pa irọ́, òótọ́ kékeré tó wà níbẹ̀ á sì yọ. Ìdí tí mo fi ní kó o má lo 1 nìyẹn.

---

Àǹtí Sálewà

Bọ̀dá Jídé gbà á níbí. Àmọ́ ó lópin, torí bí k bá ṣe ń tóbi náà ni wàá ṣe máa bi àwọn tó jìn, tí wọ́n sì jẹ́ oríṣi mìíràn. Igo 48 péré ni oríṣi kẹta ní. Ó sàn kó o yọ ariwo kúrò ju kó o máa fi k bò ó mọ́lẹ̀.

---

Bọ̀dá Jídé

Ẹ kàn lo PCA, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di kọ́lọ́mù 10, ọ̀rọ̀ bùṣe.

---

Àǹtí Sálewà

PCA ò mọ oríṣi wáìnì kankan, ibi tí dátà ti ń lọ sókè sódò jù ló máa ń dì mú. Tí ariwo bá ń fò ju òótọ́ lọ, ariwo ló máa gbé fún yín. Fún wáìnì ó máa ṣiṣẹ́ torí àwọn kọ́lọ́mù gidi jọ ń rìn ni. Fún ti alájẹsẹ́kù Ìyá Kẹ́hìndé, mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà.

---

Bọ̀dá Jídé

Èmi ò gbà. Kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

---

Fẹ́mi Ìròyìn

Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, ó yé mi. Àmọ́ nǹkan kan wà tó ń dà mí láàmú látọjọ́ yìí tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Àpilẹ̀kọ kúkúrú kan wà, ìkéde ìpàdé kan ni, kò ju gbólóhùn méjì lọ. Òun ṣáá ni mo máa ń rí, mo máa bi nípa bọ́ọ̀lù, á yọjú nínú aládùúgbò. Mo máa bi nípa ìdìbò, ó tún wà níbẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

---

Àǹtí Sálewà

Rárá o, àmọ́ ó wọ́pọ̀ níbi tí kọ́lọ́mù bá ti pọ̀. Àwọn ìlà kan máa ń di aládùúgbò gbogbo ayé, àwọn mìíràn ò sì ní jẹ́ aládùúgbò ẹnì kankan. Lo `kneighbors` kó o ka iye ìgbà tí ìlà kọ̀ọ̀kan yọjú nínú àkójọ àwọn yòókù. Ìpíndọ́gba ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ k gan-an, tí k ẹ bá jẹ́ 10, 10 ni. Tó o bá rí èyí tó yọjú ní ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, mú un, kà á pẹ̀lú ojú ẹ. Àwọn tó sún mọ́ àárín gbogbo dátà ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ìkéde ẹ yẹn ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú ju èyí tó wà nínú gbogbo àpilẹ̀kọ lọ, *àti*, *ní*, *pé*.

---

Fẹ́mi Ìròyìn

Mo kà á. Òun gan-an ló wà lókè pátápátá. Mo yọ ọ́ kúrò, mo tún un kà, òmíràn ti gba ipò ẹ̀, ìkéde náà ni. Mo wá yọ àwọn ọ̀rọ̀ bí *àti* àti *ní* kúrò nínú kọ́lọ́mù, ó rọlẹ̀ díẹ̀ àmọ́ kò lọ tán. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa din agbára ìbò àwọn tó ń yọjú jù ni, àbí kí n sọ pé àpilẹ̀kọ tí ò bá tó ọ̀rọ̀ báyìí ò gbọdọ̀ wọlé?

---

Àǹtí Sálewà

Èmi máa din ìbò wọn kù ná, torí tó o bá lé gbogbo àpilẹ̀kọ kúkúrú jáde, kò ní sí aládùúgbò gidi fún ìkéde tuntun nígbà tó bá dé. Àmọ́ dán méjèèjì wò lórí ìròyìn tí o ò tíì fi kọ́ ọ rárá, kó o sì wo ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, má wo àpapọ̀ nìkan.